Inú rírun àti ikùn wíwú lórí kíríátììnì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irin ní jíìmù, tí ẹ ra kíríátììnì, páúdà funfun tí a ń mu nítorí iṣan, tí inú yín sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé ike náà jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn, owó sì ti lọ. Kí ẹ tó gbé e jù, ẹ kọ́kọ́ yẹ iye tí ẹ ń bù lẹ́ẹ̀kan wò, àti omi tí ẹ fi ń pò ó.

Ṣé kíríátììnì ló ń run mí nínú lóòótọ́?

Ó lè jẹ́ òun. Ẹni tó bá mu gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́, tó pò ó dáadáa, inú kì í sábà run ún. Àwọn tí mo rí tí inú ń lọ́ ni àwọn tó bu gíráàmù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ife omi tútù, tí wọ́n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì dà á sọ́fun kí ó tó yòrò. Ohun tó sì máa ń ṣe wọ́n kò yàtọ̀ síra púpọ̀: inú á kún bí ẹni pé afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, á máa kùn, á lọ́ ní ìsàlẹ̀ ìdodo, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ olómi á dé. Àwọn mìíràn kàn máa ń gùnfẹ̀ ni, tí èébì á sì máa gbé wọn.

Ohun tí ẹ fi máa mọ̀ ni àkókò. Bí ó bá jẹ́ páúdà yìí ló ń dà yín láàmú, inú á sábà bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ mu ún, á rọlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kò bá mu ún, á sì padà bí ẹ bá tún mu iye kan náà. Inú tó ń run láàárọ̀ lọ́sàn-án, yálà ẹ mu ún tàbí ẹ kò mu ún, ẹ wá ìdí mìíràn fún un.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn gan-an?

Ara ìfun kékeré ni ara ti ń gba kíríátììnì sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹnu ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó ń gbé e wọlé, wọn kò sì pọ̀ tó láti gba ohunkóhun tí ẹ bá dà lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá mu díẹ̀, wọ́n á gbé e tán. Bí ẹ bá mu púpọ̀, èyí tó ṣẹ́kù á máa sún lọ sí ìsàlẹ̀ ìfun.

Èyí tó ṣẹ́kù yẹn kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí iyọ̀ tí a fi pa ẹja lára ṣe ń fa omi ẹja jáde, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa omi láti ara wọ inú ìfun. Omi yẹn ló ń mú kí ikùn le, ló ń mú kí ìfun máa fún ara rẹ̀, tí ẹ fi ń mọ̀ ọ́n lára bí inú lílọ́, òun náà ló sì ń sọ ìgbẹ́ di olómi.

Páúdà tí kò yòrò tún fi kún un. Hóró tó sọ̀ kalẹ̀ bí iyanrìn ní láti rí omi tí yóò fi yòrò kí ara tó lè gbà á. Bí kò bá rí i nínú ife yín, inú yín ni yóò ti wá a. Ìdí nìyí tí bíbu púpọ̀ àti àìpò dáadáa fi máa ń jọ rìn.

Ṣé pípín in sí kékeré ń ṣiṣẹ́, àbí àwọn ènìyàn kàn ń sọ ọ́ ni?

Wọ́n ti dán an wò. Ní 2008, Sergej Ostojic àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sẹ́bíà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára àwọn agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin 59. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ṣe é. Apá kan ń mu gíráàmù 5 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, apá kejì ń mu gíráàmù 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá kẹta ń mu ohun tí kò ní kíríátììnì nínú rárá, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Iye tí apá méjì àkọ́kọ́ ń mu lójúmọ́ kò yàtọ̀. Síbẹ̀, láàárín àwọn tó ń mu 10 lẹ́ẹ̀kan, ìdá 55.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìgbẹ́ gbuuru. Láàárín àwọn tó pín in sí méjì, ìdá 28.6 ni.

Ẹ wá wo apá kẹta, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá. Ìdá 35 nínú wọn ní ìgbẹ́ gbuuru, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi ẹnu kan kíríátììnì. Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá líle, tó ń jẹun púpọ̀, tó ń mu oríṣiríṣi nǹkan, inú rẹ̀ lè ṣe ségesège láìjẹ́ pé páúdà kankan ṣe é. Èmi kì í gbójú fo nọ́ńbà yẹn nígbàkigbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé kíríátììnì ló ba inú òun jẹ́.

Ìwádìí náà ní ààlà: nínú inú rírun àti gígùnfẹ̀, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe kedere láàárín àwọn apá náà. Ìgbẹ́ gbuuru ni ìyàtọ̀ ti hàn.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n mu gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé dandan ni?

Kì í ṣe dandan. Ohun tí 20 yẹn wà fún ni kí iṣan tètè kún fún kíríátììnì láàárín ọjọ́ márùn-ún sí méje. Eric Hultman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1996 pé gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 6 mú kí kíríátììnì inú iṣan fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, àti pé gíráàmù 3 péré lójúmọ́ fún ọjọ́ 28 gbé e dé ibi kan náà. Ọ̀nà kejì kàn falẹ̀ ni. Ẹni tí kò ní ìdíje kankan níwájú, tí inú rẹ̀ sì máa ń tètè bàjẹ́, kò sí ohun tó ń lé e.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ 20 yẹn, ẹ pín in sí mẹ́rin, gíráàmù 5 kọ̀ọ̀kan, kí ó kéré tán wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin wà láàárín wọn, kí oúnjẹ sì wà nínú yín. Bí wọ́n ṣe ń fún àwọn ènìyàn nínú àwọn ìwádìí ìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó mu gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ti kúrò nínú ohun tí wọ́n dán wò.

Omi mélòó ni mo nílò kí ó tó yòrò tán?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Kíríátììnì kì í yòrò bí ṣúgà. Ó ní iye tí omi lè gbà lára rẹ̀, omi tútù sì ń gba díẹ̀ gan-an.

Ẹ mú omi ìdajì lítà, bíi omi inú ọ̀rá kan tí wọ́n ń tà lójú títì. Bí omi náà bá wà ní ìwọ̀n ìgbóná 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó lè yòrò nǹkan bí gíráàmù 7. Nínú yàrá ní Èkó tàbí Ìbàdàn, omi máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà yóò gbà díẹ̀ sí i. Bí omi yẹn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú fíríìjì, ní nǹkan bí ìwọ̀n 4, gíráàmù 3 péré ni yóò gbà. Bí ẹ bá gbé e kaná títí ó fi dé nǹkan bí ìwọ̀n 50, tó gbóná ṣùgbọ́n tí kì í hó, ó lè gba tó 17.

Ẹ fi ohun tí ẹ ń mu wé e. Ẹni tó da gíráàmù 5 sínú ọ̀rá omi kan tó tutù bíi yìnyín, tó gbọ̀n ọ́n títí ọwọ́ fi ro ó, gíráàmù 2 nínú rẹ̀ yóò ṣì wà nílẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè gbọ̀n ọ́n tí yóò fi yòrò, omi náà ti kún. Ẹni tó pò ó nínú ife kékeré, ìdámẹ́rin lítà, pẹ̀lú omi tútù, èyí tó yòrò nínú 5 kò ju 1.5 lọ. Ìyókù wà nísàlẹ̀ ife bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ẹ ó sì rí i tí yóò fi ìka rò ó, tí yóò gbé e mì, kí owó má bàa ṣòfò.

Omi tí kò tutù, ìdajì lítà fún gíráàmù 5, tàbí ìdámẹ́rin lítà fún 2.5: ìwọ̀n tí mo máa ń sọ nìyẹn. Ó rọrùn láti rántí, ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa pò ó, ní kúlẹ̀kúlẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ ń bù. Ṣíbí tó wà nínú ike sábà máa ń gba gíráàmù 5, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike. Ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ṣíbí tó yọ òkìtì lórí lè fi ìdajì pọ̀ ju ohun tí ẹ rò lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lórí òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, kí ẹ sàmì síbi tí ó dé nínú ṣíbí.

Ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sínú ife, nǹkan bí ìdámẹ́ta omi tí ẹ máa mu, kí ẹ da páúdà sí i, kí ẹ sì fi ṣíbí rò ó fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ wá fi omi tí kò gbóná kún un. Ẹ gbé ife sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí omi bá mọ́ kedere tí kò sí hóró kankan nísàlẹ̀, ó ti yòrò. Bí ó bá ṣú bí omi ẹ̀kọ tó ṣàn, tí funfun sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò tíì yòrò: ẹ fi omi kún un, tàbí kí ẹ mú un gbóná sí i.

Ẹ má fi omi mu ún lẹ́yìn tí ẹ ti da páúdà gbígbẹ sẹ́nu. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe é. Ó lè há wọn lọ́fun, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó tún jù ú lọ láti gbé hóró tí kò yòrò dé inú ìfun.

Ṣé omi gbígbóná kò ní bà á jẹ́? Ṣé mo lè pò ó kalẹ̀ di ọ̀la?

Omi gbígbóná kò ní bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ fi pò ó tí ẹ fi mu ún. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ó pẹ́ nínú omi, pàápàá omi tó kan. Nínú omi, ó máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ di kíríátínínì, tí kò wúlò fún iṣan. Nínú ohun mímu tó kan dáadáa, nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lè lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta bí kò bá sí nínú fíríìjì. Nítorí náà ẹ lè fi omi ọsàn tàbí sóbò pò ó bí ẹ bá máa mu ún lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pò ó sínú kẹ́ẹ̀gì fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí ẹ bá pò láàárọ̀, ẹ mu ún tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kọ mímu gbígbóná dára fún un. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó gbóná, oúnjẹ ni, ẹ sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná díẹ̀ yòrò páúdà náà lọ́tọ̀ kí ẹ tó dà á sínú ẹ̀kọ, nítorí pé ẹ kò ní rí hóró tí kò yòrò nínú ẹ̀kọ tó ti funfun tẹ́lẹ̀. Gààrí tí a fi omi dídì rẹ ni n kò fẹ́: gààrí ń fa omi mọ́ra, omi náà sì tutù, páúdà kàn á wà láàárín rẹ̀ ni.

Wàrà ni mo fi ń mu ún. Ṣé kò burú?

Ó lè jẹ́ wàrà gan-an ló ń ṣe yín. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láàárín wa ni ara wọn kì í lè fọ́ ṣúgà inú wàrà, tó jẹ́ pé ife wàrà kan tó láti mú kí ikùn wọn wú kí ìsó sì máa gba ọ̀nà. Páúdà puroténì tí wọ́n ṣe látinú wàrà náà lè ní ṣúgà yìí nínú, àwọn tí owó wọn kéré sì sábà máa ń ní in jù. Bí ẹ bá ń po kíríátììnì pọ̀ mọ́ ọn, ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Ẹ tún wo ohun tó yí padà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ jíìmù máa ń bẹ̀rẹ̀ ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀wà lójoojúmọ́, ẹyin mẹ́fà, wàrà, ohun mímu amúnilágbára tí adùn àtọwọ́dá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wà nìkan lè kún inú.

Èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná, tàbí irú mìíràn tó wọ́n jù, ṣé wọ́n sàn fún inú?

Èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná máa ń tètè yòrò, kì í sì í há eyín. Ṣùgbọ́n iye tí omi lè gbà kò pọ̀ sí i nítorí pé hóró rẹ̀ kéré, nítorí náà omi tútù ìdajì lítà ṣì máa kún ní gíráàmù 3. Èyí tí wọ́n fi ásíìdì haidirokolóríìkì ṣe ń yòrò dáadáa jù ú lọ nínú ife, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé ó ju kíríátììnì monohaidíréètì lọ, ìyẹn irú lásán tó wọ́pọ̀ jù. Èmi á gbà yín níyànjú láti ra monohaidíréètì, kí ẹ sì fi owó tó kù ra oúnjẹ. Ẹ kàn rí i pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, kí ẹ sì má ra èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ.

Mo fi kílò kan wúwo sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ikùn mi ló ń wú?

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ikùn. Kíríátììnì tó wọ iṣan máa ń fa omi wọ inú iṣan pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó bá mu gíráàmù 20 lójúmọ́ sì lè fi kílò kan sí méjì wúwo láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Omi yẹn wà nínú itan, àyà àti apá, kò sí nínú ìfun. Ẹ di bẹ́líìtì yín síbi ihò tí ẹ máa ń dì í sí ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun. Bí ó bá dé ibi tí ó máa ń dé, tí inú kò sì kùn, omi iṣan ni, kò sí ohun tí pípín tàbí pípò máa yí padà nínú rẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá fún lẹ́yìn tí ẹ mu páúdà, tó sì tún dẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ìfun ni.

Ẹ mú àpẹẹrẹ kan wá, kí n rí bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tó wúwo tó kílò 80, tó ń lọ jíìmù ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kó mu gíráàmù 20 lójúmọ́. Nítorí iṣẹ́, ó ń mu 10 ní aago mẹ́fà àárọ̀ láìjẹun, nínú ife omi fíríìjì ìdámẹ́rin lítà, ó sì ń mu 10 mìíràn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nínú ọ̀rá omi tútù kan, pẹ̀lú puroténì wàrà. Lọ́jọ́ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ nínú ọkọ̀ bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, ìgbẹ́ olómi sì dé kí ó tó di aago mẹ́sàn-án.

Ẹ ṣírò ti àárọ̀. Ìdámẹ́rin lítà omi tútù kò lè yòrò ju gíráàmù 1.5 lọ, nítorí náà 8.5 wọ inú òfìfo rẹ̀ bí iyanrìn. Ti ìrọ̀lẹ́, 3 yòrò, 7 kò yòrò, wàrà sì wà lórí rẹ̀. Ohun tí inú rẹ̀ ṣe kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ó máa kọ́kọ́ dá a dúró títí ìgbẹ́ rẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò, kó sì máa mu omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fún ìgbẹ́ gbuuru bí ó bá nílò rẹ̀. Dídúró fún ọjọ́ díẹ̀ kò ní ba nǹkan kan jẹ́, nítorí kíríátììnì tó ti wọ iṣan máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó padà sí bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà, ó máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 2 lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, nínú ìdámẹ́rin lítà omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, láìsí puroténì wàrà rárá. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí inú dákẹ́, ó máa fi 2 mìíràn kún un lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó ti di 4 lójúmọ́, ìyẹn sì tó fún ọkùnrin yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló máa dá puroténì wàrà padà, nígbà tí kò bá mu kíríátììnì. Bí ikùn bá tún wú lọ́jọ́ yẹn, ó ti mọ̀ pé wàrà ni. Bí kò bá wú, méjèèjì lè máa bá a lọ, níwọ̀n bí kò bá ti po wọ́n pọ̀ mọ́ omi yìnyín.

Kò sí ìdí fún un láti mu ún kí ó tó wọ jíìmù. Àkókò tí a mu ún nínú ọjọ́ kò ṣe pàtàkì tó bí a ṣe ń mu ún lójoojúmọ́, ẹni tí ife omi ńlá sì wà nínú rẹ̀ kò ní gbádùn lílóṣòó pẹ̀lú irin lọ́rùn.

Mo ti pín in, mo ti pò ó, inú ṣì ń run mí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dín in kù sí gíráàmù 1 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìyẹn náà bá ń dà yín láàmú, tí inú sì ń dákẹ́ nígbàkigbà tí ẹ bá dá a dúró, ara yín kò gbà á, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹran àti ẹja ní kíríátììnì nínú, kò sì sí ẹni tó kú nítorí pé kò mu páúdà.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ẹ máa fi pípín àti pípò wò. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ibà, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ìrora tó dúró sójú kan ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún tó sì ń le sí i, ìgbẹ́ gbuuru tó ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn tí ẹ ti dá páúdà dúró: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín, tàbí aboyún, tàbí ẹni tó ń lo oògùn tó kan kíndìnrín, kó má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀.

Bí wọ́n bá sì gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń mu ún. Kíríátínínì ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, páúdà yìí sì lè mú kí ó ga díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe kíndìnrín. Dókítà tí kò mọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá àrùn tí kò sí.